Orí Kẹfà: Nígbà tí Alumíníọ́mù àti Irin bá Pàdé nínú Ọ̀rinrin

Ọ̀pọ̀ ilé tuntun tó ń dìde ní Asese, láàárín Ibafo àti Mowe lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ni páànù alumíníọ́mù wà lórí wọn, irú èyí tí àwọn kápẹ́ńtà ń pè ní lọ́ńgísípáànù. Ìdí tí onílé fi ń san owó gegere lé e ni pé alumíníọ́mù kì í dógùn-ún bí irin. Òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tí kápẹ́ńtà fi ń de páànù náà mọ́ igi òrùlé kì í sábà jẹ́ alumíníọ́mù. Irin ni: ìṣó páànù olórí gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀, tàbí súkúrù tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wé wọlé. Ojú ibi tí irin àti alumíníọ́mù ti fara kanra yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí. Páànù lè máa dán gbinrin láàárín, kó sì ti jẹ yíká ìdí súkúrù débi pé atẹ́gùn òjò àkọ́rọ̀ kan á ṣí i kúrò.

Jíjẹ yìí ni wọ́n ń pè ní ìjẹrà gàlìfáníìkì. Kì í ṣe òjò nìkan ló ń fà á, kì í sì í ṣe pé páànù náà jẹ́ ayédèrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayédèrú ni onílé máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Bébà tó gba ìṣó là

Ní 1761, ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi bàbà pẹlẹbẹ bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ogun kan tó ń jẹ́ Alarm, kí kòkòrò tó ń lu pákó má baà rí i jẹ, kí ewédò má sì lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n rán ọkọ̀ náà lọ sí àwọn erékùṣù Kàríbíà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 1763, ara bàbà dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n àwọn ìṣó onírin tó di bàbà mú ti jẹ gan-an, òmíràn kò ṣẹ́ kù rárá. Àwọn ìṣó kan wà láàárín wọn tí nǹkan kan kò ṣe. Bébà aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi pọ́n bàbà nígbà tí wọ́n ń kó o bọ̀ ni ẹnìkan kò yọ tán. Níbi tí bébà bá ti ṣẹ́ kù sáàárín ìṣó àti bàbà, ìṣó yè. Níbi tí bébà ti ya, ìṣó lọ.

Lásìkò náà, ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tó fà á, nítorí Galvani kò tíì gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì di 1800 kí Volta tó ṣe bátìrì àkọ́kọ́. Àmọ́ bébà yẹn ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ hàn: irin méjì tí kò jọra, omi tó so wọ́n pọ̀, àti ìfarakanra wọn tààrà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, jíjẹ náà dáwọ́ dúró.

Ẹ fi ọkàn sí ohun kan níbẹ̀. Lára ọkọ̀ Alarm, irin ló jẹ, bàbà ló yè. Lórí òrùlé Asese, irin kan náà ló ń yè lára alumíníọ́mù, tí alumíníọ́mù ń jẹ. Kò sí irin kan tó jẹ́ alágbára tàbí ọ̀lẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá so ó pọ̀ mọ́ ló ń pinnu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìdí súkúrù

Gbogbo irin ló máa ń fẹ́ tú ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀ bó bá wà nínú omi, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọkàn wọn kò dọ́gba. Nínú omi oníyọ̀, bí a bá tò wọ́n láti orí èyí tó ń yá tú u sílẹ̀ jù, sínkì ló ṣáájú, alumíníọ́mù tẹ̀lé e, irin lásán ló kàn, lẹ́yìn náà ni bàbà, irin sitẹnlẹ́ẹ̀sì sì gbẹ́yìn. Nígbàkigbà tí méjì nínú wọn bá fara kanra nínú omi kan náà, èyí tó wà níwájú nínú ìtò yìí ni yóò jẹ. A ń pe ìyẹn ní ánóòdù. Èyí tó wà lẹ́yìn ni kátóòdù, òun ni yóò gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọlé, tí yóò sì yè.

Lórí páànù, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ánóòdù nìyí:

Al → Al³⁺ + 3e⁻

Átọ́ọ̀mù alumíníọ́mù kan fi ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì wọnú omi lọ. Ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà gba inú irin kọjá, láti ara páànù sí ara súkúrù, nítorí pé wọ́n fara kanra. Lójú súkúrù, ọ́síjìn tó wọnú omi láti inú afẹ́fẹ́ ń dúró dè wọ́n:

O₂ + 2H₂O + 4e⁻ → 4OH⁻

Omi tó bo ojú méjèèjì ló ń parí àyíká iná náà. Alumíníọ́mù tó wọnú omi bá OH⁻ pàdé, wọ́n sì di ohun funfun bí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, tó ń kó jọ sábẹ́ wọ́ṣà. Ohun funfun yìí gba ààyè ju alumíníọ́mù tó ti ara rẹ̀ jáde lọ, nítorí náà ó ń wú, ó ń ti wọ́ṣà sókè, omi sì ń rí ọ̀nà wọlé sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣí tábìlì inú ìwé kẹ́mísìrì lè bi wá léèrè. Àwọn iye tó wà níbẹ̀ jẹ́ −1.66 fóòtì fún alumíníọ́mù àti −0.44 fún irin, ìyàtọ̀ wọn sì lé ní fóòtì kan. Kí ló dé tí páànù kò fi yọ́ tán láàárín oṣù díẹ̀? Ìdí ni pé alumíníọ́mù tí ń bẹ nínú tábìlì yẹn wà ní ìhòhò. Èyí tó wà lórí òrùlé wọ ẹ̀wù: gbàrà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, awọ òkísáìdì kan á bo ojú rẹ̀, tí kò nípọn ju ìwọ̀n nánómítà díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tó le. Awọ yìí ló ń mú kí ìyàtọ̀ náà já wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.1 sí 0.2 fóòtì nínú omi oníyọ̀. Ohun tó sì ń ba awọ náà jẹ́ gan-an ni iyọ̀. Áyọ́ọ̀nù kílóráìdì máa ń rí ibi tó ṣákìí jù lára awọ náà, á lu ú ní ihò tínńtín, jíjẹ á sì kó ara rẹ̀ jọ sínú ihò yẹn. Ìdí nìyẹn tí alumíníọ́mù kì í fi í tẹ́ẹ́rẹ́ lọ bákan náà káàkiri bíi ti irin. Ó máa ń lu ihò ni.

Ẹ lè rí i fúnra yín. Ẹ bu omi sínú ife, ẹ da ṣíbí iyọ̀ kan sí i, ẹ fi ìṣó onírin kan àti awẹ́ páànù alumíníọ́mù tí kò ní ọ̀dà sínú rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra. Ẹ so okùn pupa mítà oníwọ̀n fóòtì mọ́ ìṣó, ẹ so dúdú mọ́ alumíníọ́mù. Iye tí ẹ ó rí kéré sí fóòtì kan dáadáa, kò sì ní ní àmì ìyọkúrò níwájú: irin ni ẹ̀gbẹ́ rere bátìrì yìí. Ẹ wá fi sáńpépà ha alumíníọ́mù náà nínú omi, kí ẹ wo bí iye náà ṣe máa fò sókè nígbà tí awọ bá ṣí, tó sì tún máa rọra padà bí awọ tuntun bá ń hù.

Ìwọ̀n ojú sí ojú

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìtò irin nìkan, à bá ti parí. Àmọ́ ohun tó ń pinnu bí jíjẹ yóò ṣe yára tó ni bí ojú kátóòdù ṣe fẹ̀ tó sí ojú ánóòdù. Ọ́síjìn ni ẹ̀rọ tó ń fa ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ojú kátóòdù ló sì ti ń rí ààyè ṣiṣẹ́. Kátóòdù ńlá máa ń fa iná púpọ̀. Bí gbogbo iná yẹn bá wá ń ti ara ánóòdù kékeré jáde, ánóòdù náà kò ní pẹ́ lọ.

Nítorí náà súkúrù onírin kékeré lára páànù alumíníọ́mù ńlá ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ṣeé gbọ́. Òdìkejì rẹ̀ ló burú: kí ẹnìkan fi rífẹ́ẹ̀tì alumíníọ́mù kan pá géètì onírin. Mo ti rí i tí àwọn wẹ́dà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé rífẹ́ẹ̀tì alumíníọ́mù rọrùn láti fà. Orí rífẹ́ẹ̀tì á di ìyẹ̀fun, géètì á sì wà bó ṣe wà.

Inú afẹ́fẹ́ kò dà bí inú òkun, ó sì yẹ ká ṣọ́ra kí a má fi ìṣirò òkun ṣe òrùlé. Nínú òkun, omi pọ̀, iná lè rìn jìnnà. Lórí òrùlé, omi tó wà kò ju awọ ìrì tínrín lọ, iná kò lè gba inú rẹ̀ rìn jìnnà. Mílímítà díẹ̀ yíká ibi ìfarakanra ni jíjẹ náà máa ń dé, ìdí sì nìyẹn tí àárín páànù fi ń dán nígbà tí ìdí súkúrù ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan

Ká ní páànù kan ní Asese nípọn ní 0.55 mílímítà, ihò súkúrù rẹ̀ sì jẹ́ 5.5 mílímítà ní ìbú. Ká gbà pé nígbàkigbà tí ibẹ̀ bá tutù, iná máíkírò-áńpíà 10 ń ṣàn láàárín súkúrù àti páànù. Iye tí a gbà láti fi ṣe àpẹẹrẹ ni, kì í ṣe iye tí a wọ̀n lórí ilé kankan.

Ọdún kan ní 31,536,000 sẹ́kọ́ńdù. Bí iná náà bá ṣàn fún ọdún kan gbáko, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 315 kúlọ́ọ̀mù. A pín in sí 96,485, èyí tí í ṣe iye Faraday, a tún pín in sí 3 nítorí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ń fi sílẹ̀, a wá fi 27 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó jẹ́ 0.029 gíráàmù alumíníọ́mù. Kò tó nǹkan lójú. Ṣùgbọ́n bí a bá pín in sí 2.7, ìwúwo alumíníọ́mù, ó di nǹkan bíi mílímítà kúbíìkì 11, èyí tí í ṣe 20 mílímítà alápá mẹ́rin lára páànù tó nípọn ní 0.55.

Òrùlé kì í tutù láti January dé December. Bí a bá ní ó ń tutù fún ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò, ọdún mẹ́ta ni yóò gbà kí 20 yẹn tó lọ. Ihò 5.5 mílímítà fẹ̀ tó 24 mílímítà alápá mẹ́rin. Bí 20 bá kún un, ìbú ihò náà á di nǹkan bíi 7.5. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìbú rẹ̀ á ti kọjá 10.5. Orí ọ̀pọ̀ súkúrù páànù kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ìyẹn lọ, wọ́ṣà rẹ̀ nìkan ló kù tó ń di páànù mú. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń rí ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé páànù 0.45 mílímítà, èyí tí onílé ń rà nítorí pé owó rẹ̀ rọ̀, á pàdánù ojú tó fẹ̀ ju ti 0.55 lọ lábẹ́ iná kan náà.

Afẹ́fẹ́ wa

Asese kò sún mọ́ òkun. Bíi 40 kìlómítà ni. Iyọ̀ tó ń bá afẹ́fẹ́ dé ibẹ̀ kéré gan-an sí ti Lẹ́kí tàbí Badagry, níbi tí ìṣòro yìí ti le jù. Ohun tó pọ̀ ní Asese ni ọ̀rinrin: láti April títí dé October, òjò kì í jẹ́ kí abẹ́ wọ́ṣà gbẹ tán kí òmíràn tó dé, ìrì òwúrọ̀ sì ń rọ̀ kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi èéfín ọkọ̀ akẹ́rù ojú ọ̀nà márosẹ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ kún un, àti eruku tó ń kó jọ sí ìdí súkúrù, tó ń fa omi mọ́ra bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Abẹ́ eruku yẹn ló ń tutù pẹ́ jù lọ.

Bí ó bá gbẹ pátápátá, kò séwu. Irin àti alumíníọ́mù tó fara kanra nínú yàrá, níbi tí ìrì kò dé, lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí a ṣe ń dènà rẹ̀

Ohun tó dára jù ni kí a yan súkúrù tó tọ́. Súkúrù tí wọ́n fi sínkì bò ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Sínkì ṣáájú alumíníọ́mù nínú ìtò wa, nítorí náà níwọ̀n ìgbà tí sínkì bá ṣì wà, òun ló ń jẹ, páànù ń sinmi. Ìṣòro ibẹ̀ ni bó ṣe nípọn tó. Èyí tí wọ́n fi iná mànàmáná lẹ̀ mọ́ ọn, tó ń dán yinrinyinrin, kì í sábà ju máíkírómítà 5 sí 12 lọ. Èyí tí wọ́n rì sínú sínkì tó yọ́, tó rí pàkàpàkà bí eérú, lè tó 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Dídán kò túmọ̀ sí dídára níhìn-ín. Nígbà tí sínkì bá tán, irin lásán ló kù, ipò á sì yí padà: páànù ni yóò máa jẹ.

Súkúrù sitẹnlẹ́ẹ̀sì 304 tàbí 316 ló dára ju gbogbo wọn lọ fún alumíníọ́mù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fetí sílẹ̀ á ní, ṣé kì í ṣe sitẹnlẹ́ẹ̀sì ló jìnnà sí alumíníọ́mù jù nínú ìtò? Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ojú sitẹnlẹ́ẹ̀sì kì í yá láti fi ọ́síjìn ṣiṣẹ́, súkúrù sì kéré lára páànù, nítorí náà iná tó ń ṣàn kò pọ̀. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, sitẹnlẹ́ẹ̀sì kì í dógùn-ún, orí rẹ̀ kì í jẹ, wọ́ṣà rẹ̀ kì í tú. Lẹ́bàá òkun, níbi tí iyọ̀ pọ̀, a kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e láìsí wọ́ṣà rọ́bà tó jọjú.

Wọ́ṣà yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí bébà ṣe lára ọkọ̀ Alarm, ó sì ju bébà lọ nítorí pé kì í gba omi sára. Kó jẹ́ rọ́bà tí oòrùn kì í tètè pa, kó sì fẹ̀ ju orí súkúrù lọ. Kápẹ́ńtà kò gbọ́dọ̀ wé e le jù: bí rọ́bà bá ti tẹ̀ débi pé ó yọ jáde gbàgà yíká wọ́ṣà, á ya láìpẹ́. Bí ó bá dẹ̀ jù, omi á máa gba abẹ́ rẹ̀. Ó tọ́ nígbà tí rọ́bà bá kan hàn létí wọ́ṣà tí kò sì wú jáde.

Níbi tí pọ́línì òrùlé bá jẹ́ irin, bíi ti àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó wà káàkiri Ibafo àti Ìfọ̀, ìfarakanra kò mọ sí ìdí súkúrù mọ́. Gbogbo gígùn pọ́línì ni páànù jókòó lé. Kí a fi téèpù rọ́bà tàbí ọ̀dà títì bo orí pọ́línì kí páànù tó gorí rẹ̀. Tí owó bá ká ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, irin ni kí ẹ kùn, kì í ṣe alumíníọ́mù. Ó ṣàjèjì sí etí, nítorí pé alumíníọ́mù ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìwọ̀n ojú sí ojú. Bí ẹ bá kun alumíníọ́mù nìkan, tí ọ̀dà sì ha níbì kan, ojú ìha tínńtín yẹn nìkan ni ánóòdù tó kù, gbogbo irin tó wà nítòsí á sì máa fa iná láti ara rẹ̀. Á lu ihò kíákíá ju bí kò bá ní ọ̀dà rárá lọ. Bí ẹ bá kun irin, ìha ara rẹ̀ á jẹ́ kátóòdù kékeré tí kò lè fa púpọ̀.

Ìwà mẹ́ta kan wà tí àwọn kápẹ́ńtà kì í ka sí nǹkan. Wọ́n ń fi pẹ́ńsù sàmì sára páànù. Káábọ̀nù inú pẹ́ńsù wà lẹ́yìn bàbà nínú ìtò, ìlà tí wọ́n fà lè di ìlà ihò. Wọ́n ń fi èérún irin sílẹ̀ lórí òrùlé lẹ́yìn tí wọ́n bá fi dírílì lu pọ́línì. Hóró irin kọ̀ọ̀kan á dógùn-ún níbẹ̀, á sì jẹ abẹ́ rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n gbá a kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n sì ń jẹ́ kí omi ẹ̀rọ amúlétutù tó gba páìpù bàbà kọjá máa kán sórí páànù. Bàbà tó wà nínú omi náà á jókòó sára alumíníọ́mù, á sì di ẹgbàágbèje kátóòdù kéékèèké.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Kì í ṣe gbogbo àbàwọ́n ló jẹ́ tiwa. Omi pupa tó ń ṣàn láti orí súkúrù wá sílẹ̀ ń sọ pé súkúrù ló ń dógùn-ún, kò tíì sọ ohunkóhun nípa páànù, àfi pé sínkì ti tán. Ohun tí a ń wá ni ìyẹ̀fun funfun létí wọ́ṣà, tàbí ọ̀dà páànù tó wú bí ìléròrò yíká ìdí súkúrù. Kí a tú súkúrù kan tó jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírun líle gbá ìyẹ̀fun náà, kí a wọn ihò rẹ̀. Bí ihò bá ti sún mọ́ ìbú orí súkúrù, wọ́ṣà tuntun lásán kò ní ṣe é. Kí a fi súkúrù tuntun sí ibòmíràn lórí pọ́línì kan náà, kí a sì fi awẹ́ alumíníọ́mù àti sílíkóònù tí kì í rùn bí ọtí kíkan dí ihò àtijọ́. Èyí tó ń rùn bẹ́ẹ̀ ní ásíìdì, ó ń jẹ irin.

Ìyẹ̀fun funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí sìmẹ́ǹtì tútù ti kan páànù tàbí férémù fèrèsé, jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò nílò irin kankan kó tó ṣẹlẹ̀. Omi sìmẹ́ǹtì tútù lágbára tó láti tú awọ òkísáìdì fúnra rẹ̀. Àmì ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ó ń tẹ̀ lé etí sìmẹ́ǹtì, kò kó jọ yíká súkúrù.

Ìdánrawò

1. Onílé kan ní Mowe fẹ́ lo páànù 0.45 mílímítà. Ẹ tún ìṣirò inú orí yìí ṣe fún un, pẹ̀lú iná kan náà àti ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò ọ̀rinrin. Ọdún mélòó ni ihò 5.5 mílímítà yóò gbà kó tó di 10?

2. Wẹ́dà kan fẹ́ fi súkúrù alumíníọ́mù de páànù sitẹnlẹ́ẹ̀sì mọ́ ògiri ilé ìdáná. Èwo ni ánóòdù? Kí ni ìwọ̀n ojú sí ojú yóò ṣe?

3. Ẹ yẹ súkúrù mẹ́wàá wò lórí òrùlé tí ó rẹlẹ̀, tí ọwọ́ lè tó láìgun orí rẹ̀. Ẹ kọ èyí tó ní omi pupa nìkan, èyí tó ní ìyẹ̀fun funfun, àti èyí tó ní méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀ sí sínkì ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.